Lẹ́tà mẹ́ta láàárín ìṣẹ́jú kan: ọ̀rọ̀ ìnfọ́ìsì 0147

Ní agogo mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú 42, àárọ̀ Ọjọ́rú, 25 Oṣù Kẹfà, oníbàárà wa kan gba lẹ́tà mẹ́ta lórí gbèsè kan ṣoṣo. Lẹ́tà kìíní ní bóyá wọ́n ti gbàgbé ni, kí wọ́n jọ̀wọ́ bá wa wò ó. Èkejì ní a ti kọ̀wé ṣáájú, a ò sì gbọ́ nǹkan kan. Ẹ̀kẹta ò ṣàwàdà rárá: "Pẹ̀lú gbogbo lẹ́tà tí a ti kọ sí yín, owó yìí kò tíì wọlé." Ó wá fi kún un pé a máa dá iṣẹ́ wọn dúró ní ọjọ́ kìíní Oṣù Keje. Láti ìgbà tí lẹ́tà ìfẹ̀sọ̀sọ̀rọ̀ dé sí ìgbà tí lẹ́tà ìhalẹ̀ dé, ìṣẹ́jú kan ò pé. Èyí tó sì dùn mí jù níbẹ̀ ni pé wọ́n ti san owó náà láti ọjọ́ 15 sẹ́yìn.

Èmi ni mo kọ kóòdù tó fi àwọn lẹ́tà náà ránṣẹ́. Èmi náà ni mo sì tẹ bọ́tìnnì lọ́jọ́ yẹn. Mo kọ bí gbogbo rẹ̀ ṣe lọ sílẹ̀ síbí, torí àṣìṣe tó wà níbẹ̀ kì í ṣe irú èyí tí ènìyàn ń rí nígbà tó bá ń dán ètò rẹ̀ wò.

Bí ètò náà ṣe rí

Iṣẹ́ ìtumọ̀ èdè là ń ṣe, ènìyàn márùn-ún péré sì ni wá. Tí a bá parí iṣẹ́, a ó fi ìnfọ́ìsì ránṣẹ́, oníbàárà á sì ní 30 ọjọ́ láti san án. Kí a tó ní ètò kankan, èmi ni mo máa ń jókòó ní ọjọ́ Ẹtì láti wo àwọn tó jẹ wá lówó, kí n sì kọ̀wé sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀sẹ̀ tí iṣẹ́ bá pọ̀, n ò ní kọ̀wé sí ẹnikẹ́ni. Ọ̀sẹ̀ tí mo bá sì ráyè, àwọn oníbàárà tí èmi àtiwọn mọwọ́ ara wa ni mo máa ń kọ̀wé sí, torí ojú ń tì mí láti béèrè owó lọ́wọ́ àwọn ńlá. Àwọn ńlá yìí náà ló sì ń jẹ wá jù.

Ìdí nìyẹn tí a fi gbé iṣẹ́ náà lé kọ̀ǹpútà lọ́wọ́. A ní àtẹ kan tí ìnfọ́ìsì kọ̀ọ̀kan wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ tí owó rẹ̀ yẹ kó wọlé àti àwọn lẹ́tà tó ti jáde lórí rẹ̀. Kóòdù kékeré kan á máa jí láràárọ̀ láti yẹ àtẹ náà wò. Àkókò tó ń jí nìyí, bí a ṣe kọ ọ́ fún cron, ètò kọ̀ǹpútà tó ń jí kóòdù ní àkókò tí a bá dá fún un:

```
0 9 * * 1-5
```

Òdo yẹn ni ìṣẹ́jú, 9 ni wákàtí, 1-5 sì ni ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì. A yọ òpin ọ̀sẹ̀ kúrò torí pé lẹ́tà tó bá dé ní ọjọ́ Àìkú ti máa rì sábẹ́ àwọn mìíràn kí ẹni tó ń sanwó tó dé ibi iṣẹ́.

Lẹ́tà mẹ́rin ló wà. Àkọ́kọ́ ń jáde ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú ọjọ́ ìsanwó, kò sì ju kó sọ pé ọjọ́ ń bọ̀. Àwọn mẹ́ta yòókù ń jáde ní ọjọ́ 3, ọjọ́ 10 àti ọjọ́ 20 lẹ́yìn ọjọ́ ìsanwó, ohùn wọn sì ń le sí i: èkejì gbà pé ìgbàgbé ni, ẹ̀kẹta ń béèrè ọjọ́ tí owó máa jáde, ẹ̀kẹrin sì ń sọ ohun tí a máa ṣe tí owó ò bá wọlé. Fún oṣù mẹ́rin gbáko, a ò ní ẹ̀dùn kankan lórí rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ohun gbogbo parọ́rọ́

Ìnfọ́ìsì 0147 jáde ní 5 Oṣù Karùn-ún, ọjọ́ ìsanwó rẹ̀ sì jẹ́ 4 Oṣù Kẹfà. Ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú ìyẹn bọ́ sí ọjọ́ Àìkú, nítorí náà ọjọ́ Ajé, 2 Oṣù Kẹfà, ni lẹ́tà àkọ́kọ́ jáde. Títí dé ibẹ̀, kò sí wàhálà.

Ní Ọjọ́bọ̀, 5 Oṣù Kẹfà, ọ̀kan nínú wa yí páásìwọ́ọ̀dù àpótí ímeèlì ilé iṣẹ́ padà. Ohun tó yẹ kó ṣe ló ṣe, ó sì sọ fún gbogbo wa. Kóòdù nìkan ni kò sẹ́ni tó sọ fún. Láti àárọ̀ ọjọ́ kejì, yóò jí ní agogo mẹ́sàn-án, yóò kan ilẹ̀kùn ímeèlì, wọn ò ní ṣí i fún un, yóò kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sínú fáìlì kan tí ẹnikẹ́ni kì í ṣí, yóò sì padà sùn.

Bó ṣe wà nìyẹn fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta láìsí ẹni tó fura. Mo ti ro ọ̀rọ̀ yìí dáadáa látìgbà náà. Ètò ìránnilétí tó ti kú, àti ètò tó wà láàyè lásìkò tí kò sẹ́ni tó jẹ gbèsè, bákan náà ni wọ́n ṣe ń rí lójú ẹni tó jókòó sí ọ́fíìsì. Kò sí lẹ́tà tó ń jáde, kò sí ẹni tó ń fèsì, kò sí ẹni tó ń bínú. Mo tilẹ̀ sọ lọ́jọ́ kan pé ó jọ pé àwọn oníbàárà wa ti ń yí ìwà padà.

Owó tó wà ní báńkì ló tú àṣírí. Ní 25 Oṣù Kẹfà, mo fẹ́ san owó àwọn tó bá wa ṣiṣẹ́, mo rí i pé ohun tó wọlé lóṣù náà kéré jọjọ sí ti oṣù tó ṣáájú. Mo ṣí fáìlì yẹn, mo rí ìlà kan náà láràárọ̀ láti ọjọ́ kẹfà oṣù. Mo fi páásìwọ́ọ̀dù tuntun sí i. Dípò kí n jẹ́ kó di àárọ̀ ọjọ́ kejì kí n sì kọ́kọ́ wo ohun tó fẹ́ ṣe, mo fi ọwọ́ ara mi tì í kó ṣiṣẹ́ lójú ẹsẹ̀.

Ibi tí àṣìṣe náà wà nínú kóòdù àtijọ́ nìyí:

```python
for n, day in enumerate(STAGES):
    if days_late >= day and n not in inv.sent:
        send(inv, n)
```

Ó ń wo lẹ́tà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń béèrè pé: ṣé ọjọ́ lẹ́tà yìí ti pé, ṣé a ò sì tíì fi í ránṣẹ́? Tó bá rí bẹ́ẹ̀, á fi í ránṣẹ́, á sì kọjá sí èyí tó kàn. Tí ètò náà bá ń jí lójoojúmọ́, lẹ́tà kan ṣoṣo ni ọjọ́ rẹ̀ lè pé lẹ́ẹ̀kan, nítorí náà àṣìṣe yìí ò lè hàn. Gbogbo ìgbà tí mo dán an wò ni mo ń tẹ̀ síwájú ní ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń ka ìgbésẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. N ò ronú láé pé ó lè sùn kó sì jí lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Nígbà tó jí, ìnfọ́ìsì 0147 ti fi ọjọ́ 21 kọjá ọjọ́ ìsanwó, lẹ́tà ọjọ́ 3, ti ọjọ́ 10 àti ti ọjọ́ 20 ti pé pa pọ̀, kò sì sí èyí tó ti jáde nínú wọn. Ó kó wọn jáde tẹ̀léra.

Kì í ṣe 0147 nìkan. Ìnfọ́ìsì 14 ló kàn, lẹ́tà 31 sì jáde kí n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Àwọn kan gba lẹ́tà tó ń sọ pé ó ku ọjọ́ mẹ́ta kí owó wọn pé, nígbà tí owó ọ̀hún ti fi ọjọ́ mọ́kànlá pẹ́, ìkejì rẹ̀ sì tẹ̀lé e lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ láti bá wọn wí. Ẹyin lohùn, bó bá já bọ́, fífọ́ ló ń fọ́. Ímeèlì kò yàtọ̀.

Owó tó ti wọlé tí a kò mọ̀

Agogo mẹ́wàá ò tíì lù nígbà tí obìnrin tó ń bójú tó owó sísan nílé iṣẹ́ tó ni 0147 pè mí.

"Ẹ káàárọ̀ o. Ẹ jọ̀wọ́, ta ló ń kọ lẹ́tà fún yín níbẹ̀ yẹn?"

Mo ní, "Èmi ni, mà. Ẹ má bínú."

"Ẹ ní ẹ ti kọ̀wé sí wa títí. Nígbà wo? Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló dé láàárọ̀ yìí, mo ń wò wọ́n báyìí. Owó yín sì ti kúrò lọ́dọ̀ wa láti ọjọ́ kẹwàá."

Mo ní kó fún mi ní ìṣẹ́jú márùn-ún. Òótọ́ ló sọ. Ní 10 Oṣù Kẹfà, owó kan wọlé láti ọ̀dọ̀ wọn. Wọ́n fi san 0147 àti 0152 pa pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, orúkọ ilé iṣẹ́ wọn nìkan ni wọ́n sì kọ sí ibi àlàyé, kò sí nọ́ńbà ìnfọ́ìsì. Báńkì tó wà láàárín sì ti gé owó iṣẹ́ tirẹ̀ níbẹ̀, nítorí náà iye tó dé kò bá àpapọ̀ ìnfọ́ìsì méjèèjì mu gẹ́lẹ́. Ètò tiwa sì rèé, nọ́ńbà ló kọ́kọ́ ń wá. Tí kò bá rí nọ́ńbà, á wá iye tó bára mu. Kò rí èyíkéyìí nínú méjèèjì. Ó wá tọ́jú owó náà sí apá ibi tí a ń kó owó tí a ò tíì mọ ohun tó wà fún sí. Ibẹ̀ ló wà fún ọjọ́ 15, tí 0147 sì ń jẹ́ gbèsè lórí àtẹ wa.

Mo fẹ́ kí ẹ bá mi dúró díẹ̀ níbí, torí ó rọrùn láti di ẹ̀bi gbogbo ru páásìwọ́ọ̀dù. Ká ní ètò náà ò kú rárá, kí ni ì bá ṣẹlẹ̀ sí 0147? Lẹ́tà kejì ì bá jáde ní ọjọ́ Ajé, 9 Oṣù Kẹfà, torí ọjọ́ Àbámẹ́ta ni ọjọ́ kẹta bọ́ sí. Kò sí ohun tó burú ńbẹ̀, wọn ò tíì sanwó nígbà náà. Àmọ́ ní 16 Oṣù Kẹfà, lẹ́tà kẹta ì bá lọ bá ẹni tó ti sanwó ní ọjọ́ mẹ́fà ṣáájú, ẹ̀kẹrin tó ń halẹ̀ ì bá sì tẹ̀lé e ní 24. Páásìwọ́ọ̀dù kọ́ ló dá ìyẹn sílẹ̀. Ó kàn mú kí gbogbo rẹ̀ tú jáde lọ́jọ́ kan náà ni.

Ìbéèrè tí mo kọ́ kóòdù láti máa bi àtẹ ni pé ṣé wọ́n ti san án. Ìdáhùn méjì ni mo rò pé ó wà fún ìbéèrè yẹn. Mẹ́ta ni: wọ́n ti san án, wọn ò tíì san án, àti pé a ò mọ̀. Lẹ́tà tó ń rántí ènìyàn jẹ́jẹ́ lè jáde lórí "a ò mọ̀", tí ẹni náà bá sì ti sanwó, á fèsì pé òun ti san án, ọ̀rọ̀ á tán síbẹ̀. Lẹ́tà tó le kò gbọ́dọ̀ jáde lórí rẹ̀ rárá.

Àmì méjì la wá ń fi mọ̀ pé a ò mọ̀. Àkọ́kọ́ ni owó tó bá wọlé láti ọ̀dọ̀ oníbàárà kan tí a ò tíì gbé sórí ìnfọ́ìsì kankan. Níwọ̀n ìgbà tí irú owó bẹ́ẹ̀ bá wà, kò sí lẹ́tà kẹta fún oníbàárà náà, ì báà jẹ́ lórí ìnfọ́ìsì mìíràn. Ìkejì ni ọjọ́ orí àkọsílẹ̀ báńkì wa. Tó bá ti ju ọjọ́ iṣẹ́ méjì lọ tí a ti kó àkọsílẹ̀ báńkì wọlé kẹ́yìn, kóòdù á dúró sí lẹ́tà kejì, á sì bẹ̀ wá pé ká lọ kó o wọlé. Àwa náà ò sì ní àwáwí, torí kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá láti kó o wọlé.

Lẹ́tà wo ló kàn?

Ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn láti fi tún kóòdù ṣe ni pé kó má fi ju lẹ́tà kan ránṣẹ́ lọ́jọ́ kan, kó sì jẹ́ èyí tó le jù nínú àwọn tí ọjọ́ wọn ti pé. Mo ti ń kọ ọ́ lọ́wọ́ nígbà tí ẹni tó yí páásìwọ́ọ̀dù wo ẹ̀yìn mi, ó ní, "Ẹni tí ò gbọ́ nǹkan kan lẹ́nu wa láti ọjọ́ kejì oṣù, ìhalẹ̀ lẹ fẹ́ fi kí i?"

Ó tọ̀nà. Kì í ṣe iye ọjọ́ tí gbèsè fi pẹ́ ló ń fún wa láǹfààní láti le ohùn, ohun tí onígbèsè ti gbọ́ lẹ́nu wa ni. Nítorí náà, lẹ́tà tó bá kàn gbọ́dọ̀ tẹ̀lé èyí tó jáde kẹ́yìn ní tòótọ́, kí àlàfo sì wà láàárín méjèèjì kí ẹni náà lè ráyè ṣe nǹkan sí i. Kóòdù tuntun nìyí:

```python
STAGES = [-3, 3, 10, 20]
GAP = 6

def next_stage(inv, today):
    if inv.balance <= 0 or inv.hold_until > today:
        return None
    n = inv.last_stage + 1
    if n == 0 and today > inv.due:
        n = 1
    if n >= len(STAGES):
        return None
    if (today - inv.due).days < STAGES[n]:
        return None
    if inv.last_sent and (today - inv.last_sent).days < GAP:
        return None
    return n
```

`last_stage` ń bẹ̀rẹ̀ láti -1, ìyẹn ni pé kò tíì sí lẹ́tà tó jáde. Nọ́ńbà kan ṣoṣo ló ń dá padà, kì í ṣe ọ̀pọ̀. Ìlà tó ní `n == 0` wà fún àwọn tí ọjọ́ ìsanwó wọn kọjá lásìkò tí ètò wa ń sùn, kí ẹnikẹ́ni má tún gba lẹ́tà "ó ku ọjọ́ mẹ́ta" lórí gbèsè tó ti pẹ́.

Mo gbé 25 Oṣù Kẹfà padà sínú rẹ̀ láti wo ohun tó máa ṣe. Ká ní 0147 ò tíì jẹ́ sísan lóòótọ́, lẹ́tà kejì nìkan ni ì bá jáde lọ́jọ́ náà. Ẹ̀kẹta ì bá jáde ní ọjọ́ kìíní Oṣù Keje, ẹ̀kẹrin ní ọjọ́ keje. Ìyẹn pẹ́ ju 24 Oṣù Kẹfà lọ ní ọjọ́ mẹ́tàlá, owó sì lè pẹ́ láti wọlé nítorí rẹ̀. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Àwa la sùn, kì í ṣe oníbàárà.

Nǹkan méjì mìíràn wà nínú kóòdù yìí tí mo fẹ́ mẹ́nu bà ní ṣókí. `hold_until` jẹ́ ọjọ́, kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Tí oníbàárà bá ní iṣẹ́ kan ò tẹ́ òun lọ́rùn, a ó dá lẹ́tà dúró títí di ọjọ́ kan pàtó, tí ọjọ́ yẹn bá sì pé ètò á tún bi wá léèrè. Tẹ́lẹ̀, "bẹ́ẹ̀ ni" la máa ń kọ, a ó sì gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀. Mo rí ìnfọ́ìsì kan tí a dá dúró tipẹ́tipẹ́ lórí àríyànjiyàn tó ti parí láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ìkejì ni pé a ń kọ ọ́ sílẹ̀ pé lẹ́tà ń lọ kí a tó fi í ránṣẹ́, a ó sì wá fọwọ́ sí i lẹ́yìn tó bá lọ tán. Tí kọ̀ǹpútà bá kú láàárín méjèèjì, ènìyàn ló máa wò ó. Tó bá jẹ́ ẹ̀yìn tó bá lọ tán nìkan la ń kọ ọ́, lẹ́tà kan náà lè lọ lẹ́ẹ̀mejì.

Lẹ́tà tí kò lè purọ́

"Pẹ̀lú gbogbo lẹ́tà tí a ti kọ sí yín." Irọ́ ni gbólóhùn yẹn pa lọ́jọ́ náà, kì í ṣe torí pé kóòdù bàjẹ́ nìkan, àmọ́ torí pé mo kọ ọ́ bíi pé ohun tó yẹ kó ti ṣẹlẹ̀ ti ṣẹlẹ̀. Ní báyìí, lẹ́tà tó bá tọ́ka sí lẹ́tà mìíràn gbọ́dọ̀ dárúkọ ọjọ́ rẹ̀, inú àkọsílẹ̀ lẹ́tà tó jáde ni ọjọ́ náà sì ti ń wá. Tí àkọsílẹ̀ ò bá ní ọjọ́ kankan, lẹ́tà náà ò lè jáde, ètò á sì pè wá. Ká ní ètò náà ò kú lóṣù yẹn, tí wọn ò sì tíì san 0147, lẹ́tà kẹta nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ì bá rí báyìí:

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìnfọ́ìsì 0147 ti kọjá ọjọ́ ìsanwó rẹ̀, 4 Oṣù Kẹfà. A kọ̀wé sí yín lórí rẹ̀ ní 2 àti 9 Oṣù Kẹfà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ ọjọ́ tí owó náà máa jáde fún wa. Tí ẹ bá ti san án, ẹ sọ ọjọ́ tí ẹ san án, a ó wá a lọ́dọ̀ wa. Tí nǹkan kan bá wà nínú iṣẹ́ náà tí kò tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ fèsì síbí, lẹ́tà mìíràn ò ní jáde títí a ó fi yanjú rẹ̀."

Kò sí ọ̀rọ̀ líle kan nínú rẹ̀, síbẹ̀ ó le ju èyí tí mo kọ tẹ́lẹ̀ lọ. Ọjọ́ méjèèjì yẹn ló mú un le. Ẹni tó bá kà á mọ̀ pé a ń kọ nǹkan sílẹ̀. Ohun kan tí a bá fi kún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ló ń mú un yàtọ̀ sí ti ìṣáájú: nínú èkejì, ó jẹ́ pé ọjọ́ ti kọjá; nínú ẹ̀kẹta, a ń béèrè ọjọ́; nínú ẹ̀kẹrin, ohun tí a máa ṣe àti ọjọ́ tí a máa ṣe é.

Ẹ̀kẹrin yẹn, kọ̀ǹpútà kì í fi í ránṣẹ́ mọ́. Ó ń kọ ọ́ sílẹ̀, ó ń gbé e sí iwájú mi, èmi ni mo sì ń tẹ bọ́tìnnì. Kí n tó tẹ̀ ẹ́, mo máa ń wo báńkì ti àárọ̀ ọjọ́ náà, mo máa ń wò bóyá ẹnikẹ́ni ti fèsì síbòmíràn, mo sì máa ń tẹ fóònù láti mọ̀ bóyá ẹni tí a ń kọ̀wé sí ṣì wà níbi iṣẹ́ náà. Ẹ̀ẹ̀kan ti wáyé tó jẹ́ pé ẹni tí a ń halẹ̀ mọ́ ti fi iṣẹ́ sílẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ń ka ímeèlì rẹ̀. Ohun tí a bá sì ní a máa ṣe gbọ́dọ̀ wà nínú àdéhùn tí a jọ fọwọ́ sí, ó sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tí a ti múra láti ṣe ní tòótọ́. Tí a bá ní a máa dá iṣẹ́ dúró lọ́jọ́ kìíní, tí ọjọ́ kìíní dé tí a ṣì ń ṣiṣẹ́, oníbàárà yẹn ò ní ka lẹ́tà kẹrin wa sí mọ́ láyé.

Ìtọrọ àforíjì tó tún bí wàhálà

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, mo kọ̀wé sí gbogbo àwọn tí lẹ́tà 31 náà dé ọ̀dọ̀ wọn. Ojú tì mí, mo sì fẹ́ kí ó tètè tán. Mo kọ pé: "Ẹ má bínú, ètò wa ló ṣìṣe. Ẹ má ka àwọn lẹ́tà àárọ̀ yìí sí."

Nínú ìnfọ́ìsì 14, méjì péré ni àwọn oníbàárà ti san owó wọn. Méjìlá yòókù jẹ́ gbèsè gidi. Nígbà tí mo pe ọ̀kan nínú wọn lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ọkùnrin tó gbé fóònù fi ìbàlẹ̀ ọkàn dá mi lóhùn: "Ẹ̀yin lẹ ní ká má ka ìyẹn sí, ṣebí?" N ò rí èsì fọ̀. Ọwọ́ mi ni mo fi fún un ní àwáwí, nínú ìwé pẹ̀lú.

Ó yẹ kí n pín wọn sọ́tọ̀ ni. Àwọn tó ti sanwó, ìtọrọ àforíjì tó mọ́ kangá, kí n sì pè wọ́n. Àwọn tó jẹ́ gbèsè, kí n sọ pé lẹ́tà pọ̀ jù, ohùn rẹ̀ sì kọjá ààyè, àmọ́ ìnfọ́ìsì báyìí báyìí ṣì wà nílẹ̀ lọ́dọ̀ wa, ọjọ́ báyìí ló pé, tí wọ́n bá sì ti san án kí wọ́n sọ ọjọ́ rẹ̀. Ohùn la ń tọrọ àforíjì lé lórí, kì í ṣe owó. Ọkùnrin yẹn sanwó nígbẹ̀yìn, lẹ́yìn tí mo tún bẹ̀rẹ̀ láti lẹ́tà kejì.

Ìròyìn àárọ̀

Fún ìdákẹ́jẹ́ tó tàn wá jẹ, a ní kí ètò náà máa ròyìn fún wa láràárọ̀ bó ti wù kó rí, kódà tí kò bá fi lẹ́tà kankan ránṣẹ́. Mo kọ́kọ́ ní kó máa fi ímeèlì ròyìn, kí n tó rántí pé ímeèlì gan-an ló kú nígbà yẹn. Ọ̀rọ̀ fóònù ló ń fi ròyìn báyìí. Tí agogo mẹ́sàn-án ààbọ̀ bá lù tí ìròyìn ò tíì dé, kọ̀ǹpútà mìíràn tó ń ṣọ́ ọ á pè wá. Ìròyìn náà kúrú: iye lẹ́tà tó jáde, iye tí a dá dúró, iye owó tó wọlé tí a ò tíì mọ ti ẹni tó jẹ́. Ti ìkẹyìn yẹn ni mo máa ń kọ́kọ́ wò.

Tó bá sì jẹ́ pé ètò bá kú tó tún jí, kì í fi ohunkóhun ránṣẹ́ lọ́jọ́ tó jí. Á kọ́kọ́ to gbogbo lẹ́tà tó fẹ́ kó jáde sílẹ̀ bí àtẹ, á sì dúró de ẹni tó máa kà á.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo ka irú àtẹ bẹ́ẹ̀, ọjọ́ tí mo ń dán kóòdù tuntun wò ni, bíi pé àwọn lẹ́tà àárọ̀ 25 Oṣù Kẹfà ò tíì jáde. Mo ti gbé owó ọjọ́ kẹwàá sórí 0147 àti 0152, mo ti bẹ obìnrin yẹn títí, ó ti rẹ́rìn-ín, ó sì ti ní òun á máa kọ nọ́ńbà ìnfọ́ìsì sí ibi àlàyé. Mo ṣí àtẹ náà. Ìnfọ́ìsì 0147 ló wà lókè pátápátá, lẹ́tà kejì ti wà ní sẹpẹ́ fún un. Iye tí lẹ́tà náà fẹ́ béèrè lọ́wọ́ wọn ni owó kékeré tí báńkì gé láàárín ọ̀nà. Mo yọ `inv.balance <= 0` kúrò, mo fi èyí rọ́pò rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú, `TOLERANCE` sì ni iye kékeré tí a lè gbójú fò:

```python
    if inv.balance <= TOLERANCE or inv.hold_until > today:
```